Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àtẹ̀jíṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì sí Ẹbí Tí Ara Rẹ̀ Kò Yá, Báwo La Ṣe Ń Sọ Ọ́ Di Yorùbá Tó Wọni Lára?

Àwọn ọmọ ẹbí tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n àti Húsítìnì ló máa ń fi irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sí mi jù. Wọ́n ti kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ní kí n bá àwọn fi Yorùbá gbé e kalẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá, àǹtí tàbí bàbá àgbà tó wà nílé. Ìbéèrè kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e, ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ síbí.

Kí ni mo máa kọ níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí èèyàn tètè sàn?

Ẹ kọ "Ara á yá o" tàbí "Ara á le o." Ohun tí ẹnu wa mọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kó gùn díẹ̀ sí i, "Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà" wà níbẹ̀.

Èyí tí mo máa ń bá nínú ohun tí wọ́n kọ ni "Ẹ gba ìlera láìpẹ́" tàbí "Ẹ sàn láìpẹ́." Èèyàn á mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, àmọ́ kò sí ẹni tó ń bá aláàárẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń sọ fún ẹni tó dùbúlẹ̀ pé kó dìde, bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà. Àdúrà ni àwa máa ń ṣe fún un. "Á" kékeré tó wà nínú "ara á yá" ló ń gbé àdúrà náà, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀.

Àdúrà máa ń ní ìdáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì ni "Àmín." Ohun tí mo fi ń yẹ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wò nìyẹn: mo máa ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè, màá wá bi ara mi pé kí ni Àǹtí máa fi dáhùn. Bí ó bá lè dáhùn pé "Àmín," "o ṣé" tàbí "mo ti ń jẹun," gbólóhùn náà wà láàyè. Bí kò bá ní ohun kankan tó lè fi dáhùn, Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì wà níbẹ̀ tó wọ aṣọ Yorùbá.

Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ó dun òun láti gbọ́. Ṣé "mo kẹ́dùn" ni màá kọ?

Rárá o. Ọ̀rọ̀ ilé ọ̀fọ̀ ni. "Mo bá yín kẹ́dùn" la máa ń sọ fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ ti kú. Ọmọ ẹbí wa kan kọ ọ́ sí ìyá ìyá rẹ̀ tí ibà ń ṣe, ìyá sì pe ilé kan sí òmíràn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ń béèrè ẹni tó kú tí wọn ò tíì sọ fún òun.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń tọrọ àforíjì, tó fi ń bá ọlọ́fọ̀ sọ̀rọ̀, tó tún fi ń kí aláàárẹ̀. Mẹ́ta ni tiwa, ọ̀kan kì í sì í jókòó sí àyè èkejì. "Ẹ má bínú" jẹ́ ti ẹni tó ṣẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí aláàárẹ̀, ó lè máa rò pé ẹ̀yin lẹ fà á. Ìkẹ́dùn jẹ́ ti ọ̀fọ̀. Ti aláàárẹ̀ ni "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó kúrú, ó sì tó. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun kún un láti mú un wúwo.

"Ó dùn mí nígbà tí mo gbọ́" kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí tó dùbúlẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í tù yín nínú: "Má jẹ́ kó dùn ọ́, ọmọ mi, kò le." Ẹ ti yí iṣẹ́ ìtùnú lé e lórí.

Báwo ni mo ṣe máa dárúkọ àìsàn náà?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ má dárúkọ rẹ̀. "Mo gbọ́ pé ara yín ò yá" tó. "Mo gbọ́ pé àárẹ̀ mú yín" tún rọra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì yẹ àgbàlagbà gan-an. "Àìsàn" fúnra rẹ̀ kì í ṣe èèwọ̀, àmọ́ ó dára jù bí ó bá wà nínú àdúrà tó ń lé e lọ: "Àìsàn yìí á tán lára yín." "Àrùn" àti "òkùnrùn" le létí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ibà, orí fífọ́, ẹsẹ̀ dídùn, ìwọ̀nyí kò ní wàhálà. A máa ń dárúkọ wọn láàárín ilé. Jẹjẹrẹ, rọpárọsẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jẹ́ kí aláàárẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dárúkọ wọn. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá dá a sọ ketekete, ẹ lè fi "ohun tó ń ṣe yín yìí" dípò rẹ̀. Àṣà àtijọ́ ni. Nígbà tí ìgbóná ṣì ń jà, orúkọ àdàpè bíi "ilẹ̀gbóná" làwọn àgbà fi ń pè é, wọn kò jẹ́ kí orúkọ Ṣànpọ̀nná já bọ́ lẹ́nu wọn. Láti 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde pé àrùn náà ti tán láyé, àmọ́ ìṣọ́ra ẹnu yẹn kò tíì kúrò lára wa.

Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Fóònù àgbàlagbà kì í pẹ́ lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ, aládùúgbò náà á sì máa bá wọn wò ó. Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀, ojú púpọ̀ ló máa rí i.

"Ẹ" ni tàbí "o"? Kí sì ni mo máa pè é?

Ẹni tó bá jù yín lọ, "ẹ" àti "yín" ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ dáadáa kó wá gbàgbé lójú ọ̀nà: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o Àǹtí, ara rẹ á yá." "Rẹ" kan ṣoṣo yẹn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá parí, ẹ padà wá gbogbo "rẹ," "ọ" àti "o" kiri, kí ẹ rí i pé kò sí èyí tó ṣì ń tọ́ka sí àgbà.

Àbúrò tàbí ẹgbẹ́ yín ńkọ́? "Pẹ̀lẹ́ o, àbúrò mi. Ara á yá." Bí ẹ bá lo "ẹ" fún un, á dà bíi pé ẹ ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé tó ń kọ̀wé sí ẹbí ọkọ rẹ̀ kò lè gbé e lé ọjọ́ orí nìkan, torí ní ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ tó ti wà nílé kí ìyàwó tó wọlé, àgbà ló jẹ́ fún un. Ó sàn kó béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ní ti orúkọ, Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi orúkọ àǹtí síwájú láìbẹ̀rù. Ẹ kọ orúkọ tí ẹ máa ń pè é lójúkojú: Àǹtí mi, Mọ́mì Ìbàdàn, Ìyá Ìbejì, Bọ̀dá, Bàbá àgbà. Orúkọ yẹn ti jẹ́ ìdajì ìtùnú náà.

Ṣé ẹ lè fi odindi àtẹ̀jíṣẹ́ kan hàn wá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀n fẹ́ kọ̀wé sí àǹtí rẹ̀ ní Òṣogbo. Gbólóhùn márùn-ún ló kọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó kí i ní ṣókí, ó ní ó dun òun láti gbọ́ pé ara rẹ̀ kò dá, ó ní òun ń ronú nípa rẹ̀, ó ní kó tètè sàn, ó ní kó sọ fún òun bí ó bá nílò ohunkóhun. Ó wá fi ìfẹ́ àti orúkọ rẹ̀ parí i. Ohun tí a fi ránṣẹ́ nígbẹ̀yìn nìyí:

"Àǹtí mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mọ́mì sọ fún mi pé ara yín ò yá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ti ń jẹun díẹ̀díẹ̀? Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà, ara á le o. Màá pè yín lálẹ́ ọ̀la. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá àti àwọn ọmọ. Èmi ọmọ yín, Táyọ̀."

Ẹ wo ohun tó yí padà. Ó sọ ẹni tó sọ fún un, nítorí Àǹtí máa fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dé etí rẹ̀. Ìbéèrè oúnjẹ wọlé, kò sì sí irú rẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, torí ohun tí ẹni tó bá wà nílé máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aláàárẹ̀ nìyẹn. Ìpè lálẹ́ ọ̀la dúró dípò "bí ẹ bá nílò ohunkóhun." Ìkíni sí àwọn ará ilé wá lẹ́yìn, torí àwọn náà ló ń gbé omi gbígbóná tí wọ́n sì ń jí lóru.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan lórí "ẹ kú ìrọ̀lẹ́": aago ibi tí Àǹtí wà ni kí ẹ fi kí i. Láti Lọ́ńdọ̀n kò sí ìṣòro, torí ìyàtọ̀ wọn kò ju wákàtí kan lọ. Ẹni tó wà ní Húsítìnì ni kó ṣọ́ra, kó má lọ máa kí i ní ẹ káàsán nígbà tó ti wọ yàrá lọ sùn.

Báwo ni màá ṣe sọ pé mò ń ronú nípa rẹ̀, àti pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Ẹ má kọ "mò ń ronú nípa yín." Ìrònú nínú èdè wa sún mọ́ ìdààmú, ẹni tó ń ronú, wọn á ní kó má ronú mọ́. Aláàárẹ̀ tó bá ka irú ẹ̀ lè rò pé ẹ ti gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu dókítà tí òun kò gbọ́. "Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ yín" dára. "Mò ń rántí yín nínú àdúrà" dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ó bá jẹ́ òótọ́.

"Mo nífẹ̀ẹ́ yín" kì í ṣe àṣìṣe, àwọn ọmọ ìsinsìnyí sì ń sọ ọ́ fún òbí wọn. Àmọ́ létí àgbàlagbà tí kò bá wọn dàgbà nínú rẹ̀, ó máa ń dún bí ọ̀rọ̀ inú fíìmù. "Èmi ọmọ yín" ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Àǹtí tó bá rí i níparí lẹ́tà ọmọ àbúrò rẹ̀ mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Kí ló dé tí ẹ fi yọ "ẹ sọ fún mi bí ẹ bá nílò nǹkan" kúrò?

Torí pé kò sí àǹtí tó máa sọ. Àgbà kì í fẹ́ dà bí ẹni tó ń tọrọ lọ́wọ́ ọmọ, "kò sí nǹkan kan, ọmọ mi" ló máa fi dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe, kí ẹ sì dá ọjọ́ rẹ̀: "Màá pè yín lálẹ́ ọ̀la." "Màá yà kí yín lọ́jọ́ Sátidé."

Bí owó bá wà níbẹ̀, ẹ má fi iye rẹ̀ síwájú. "Mo fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín, ẹ fi ra ọsàn" ló máa ń rọrùn láti gbà. Gbogbo wa mọ̀ pé owó oògùn lè wà nínú owó ọsàn náà, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọsàn kò jẹ́ kó dà bí ìtọrẹ àánú. Kí owó náà ti wọlé kí ẹ tó kọ ọ́ o. Ẹni tó ń ṣàárẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tó ń yẹ fóònù wò léraléra.

"Kú" tó wà nínú "ẹ kú" ń bà mí lẹ́rù. Ṣé mo lè lò ó fún aláàárẹ̀?

Ẹ lò ó. Kò sí ẹni tó ń gbọ́ ikú nínú "ẹ kú àárọ̀." Ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ ṣọ́. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́" kò ní wàhálà, "ẹ kú ìnira" yẹ ẹni tó ń jẹ̀rora, "ẹ kú ìtọ́jú" sì wà fún ẹni tó ń tọ́jú aláàárẹ̀, tí àwọn èèyàn sábà máa ń gbàgbé láti kí. "Ẹ kú ara fẹ́ra kù" jẹ́ ti ọ̀fọ̀ pọ́ńbélé. "Ẹ kú ìrọ́jú" náà ti sún mọ́ ọ̀fọ̀ jù fún mi, èmi kì í kọ ọ́ sí aláàárẹ̀.

Kristẹni ni mí, Mùsùlùmí ni Àǹtí mi. Àdúrà wo ni màá kọ?

Èyí tí ó máa ṣe Àmín sí láìdúró. "Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà" gba gbogbo ilé. Bí ó bá jẹ́ pé "Ọlọ́hun" ni wọ́n máa ń kọ nílé wọn, bí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ṣe ń ṣe, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ kíyè sí i. Ẹ fi "ní orúkọ Jésù" sílẹ̀ fún ẹni tó máa bá yín pè é. Fún ẹbí tó ń ṣe ìṣẹ̀ṣe, "Orí yín á gbè yín, Elédùmarè á fún yín ní àlàáfíà" bá wọn mu.

Ṣé ó pọn dandan kí n fi àmì ohùn sí i?

Lórí Wásáàpù, ẹ fi sí i. Bí ẹ bá ń lo Gboard, ẹ lè fi Yorùbá kún àwọn èdè rẹ̀, ẹ ó rí ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀. Bí ẹ kò bá ráyè fi gbogbo àmì sí i, ẹ kọ́kọ́ fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, torí kí ẹ kí ọkọ Àǹtí yàtọ̀ sí kí ẹ kí oko rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè ṣi èèyàn lọ́nà. Èyí tó ń já mi láyà jù ni "O ku die ki n de." Ẹni tó kọ ọ́ ní "Ó kù díẹ̀ kí n dé" lọ́kàn, àmọ́ "o ku" ni ojú aláàárẹ̀ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ sọ ọ́ lọ́nà mìíràn: "Mo ti ń bọ̀ lọ́nà."

Àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù lásán yàtọ̀ sí Wásáàpù. Létà 160 ni ojú ewé kan máa ń gbà bí kò bá sí àmì wa níbẹ̀. Bí ẹ bá ti fi ẹyọ "ẹ" tàbí "á" kan ṣoṣo sí i, ó di 70, àwọn ilé iṣẹ́ fóònù sì máa ń ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan sí owó. Àtẹ̀jíṣẹ́ Táyọ̀ lókè yẹn máa tó bí ojú ewé mẹ́rin pẹ̀lú àmì, méjì láìsí àmì. Owó yẹn kọ́ ló ń dùn mí, bí kò ṣe pé àwọn fóònù kéékèèké àtijọ́ kan máa ń fi àpótí òfìfo hàn níbi tí ọ̀ àti ẹ̀ bá wà. Bí irú fóònù bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ìyá, ẹ kọ ọ́ láìsí àmì, kí ẹ sì kà á bí àjèjì kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìyá àgbà mi kò lè kàwé. Ta ni màá kọ ọ́ sí?

Ẹ kọ ọ́ sí ìyá fúnra rẹ̀, bí ẹni pé ẹ dúró lẹ́bàá ibùsùn. Ọmọ tó máa kà á kàn jẹ́ ohùn yín ni. "Ẹ bá mi sọ fún ìyá pé kí wọ́n pẹ̀lẹ́" máa ń sọ ìyá di ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Kí gbólóhùn kúrú, kí ọmọ má baà fẹsẹ̀ kọ níbi kíkà. "Ọsibítù" ni kí ẹ kọ, ẹ fi "ilé ìwòsàn" sílẹ̀ fún oníròyìn. Bí àyè bá wà, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ dípò rẹ̀. Ìyá á ní kí wọ́n tún un gbọ́.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Ó yàtọ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn. Ṣáájú, àdúrà ìwọlé àti ìjáde ni: "Ẹ ó wọlé láyọ̀, ẹ ó jáde láyọ̀. Ọlọ́run á bá wa darí ọwọ́ àwọn dókítà." Ẹ kíyè sí "wa" yẹn, ó mú ẹ̀yin náà wọ inú rẹ̀.

Bí ó bá ti jáde, "Ẹ kú ewu o" ló kù, nítorí ewu ti kọjá. Ẹ má kọ ọ́ ṣáájú. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ó ti jáde àmọ́ kò tíì lajú, ẹ dúró títí tó fi máa lajú.

Mo ti fi "mo kẹ́dùn" ránṣẹ́ ná. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ pè é. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn ṣàlàyé ìyàtọ̀ ọ̀rọ̀ fún ẹni tí orí ń fọ́. Bí ó bá gbé fóònù, ẹ ní "Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ohùn yín á tún un ṣe. Bí kò bá mẹ́nu bà á, ẹ̀yin náà ẹ má mẹ́nu bà á.

Àwọn dókítà ti sọ fún wa pé kò ní sàn. Ṣé irọ́ ni "ara á yá" tí mo bá kọ ọ́?

Ìbéèrè yìí ló le jù nínú gbogbo wọn. Èrò mi ni pé kì í ṣe irọ́, torí àdúrà kì í ṣe èsì àyẹ̀wò. Bí gbogbo ilé bá ń ṣe é fún un tí ẹ̀yin nìkan dákẹ́ rẹ̀, ìdákẹ́ yẹn á sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí aláàárẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ti ń sọ ọ́ jáde pé òun ti mọ ibi tí òun ń lọ, ẹ má fi "ara á yá" dí i lẹ́nu.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ gbàdúrà fún ohun tó kù láti tọrọ: "Ọlọ́run á bá yín dín ìrora yìí kù. Ẹ ó sùn dáadáa lálẹ́ òní." Kí ẹ wá sọ ohun kan tí òun nìkan ṣe fún yín. Ọ̀rẹ́ mi kan kọ èyí sí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ pé: "Mọ́mì, mo se ẹ̀kọ lónìí, bí ẹ ṣe kọ́ mi ni mo ṣe é, kò dì rárá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi ọmọ yín." Ìdáhùn tó gbà ni pé: "O ò tètè ro ó ni. Wá, kí n tún un kọ́ ọ." Ó wọ ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.